Àwòrán Ilẹ̀ Mesié àti Ọ̀rọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rí Kà Tán

Mi ò tíì dárí ji ọ̀gá mi àtijọ́. Àwọn tó mọ̀ wá nígbà náà ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, pé ọkùnrin náà ti kú. Ó kú lóòótọ́. Èmi ṣì wà, mo sì rántí.

Òmìnira lọ́wọ́ Faransé ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà. Mo ń kọ àkọlé fún ẹ̀ka sinimá tó ń fi mọ́tò kiri abúlé. N ó fi búrọ́ọ̀ṣì kọ lẹ́tà sórí ike tó mọ́ gaara, a ó tẹ́ ẹ sábẹ́ kámẹ́rà, a ó yà á, a ó sún un díẹ̀, a ó tún yà á. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mesié, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni, ló ń fọwọ́ sí ìwé ètò, níbi tí a kọ iye àkókò àwòrán kọ̀ọ̀kan sí, kí a tó yà á.

Mesié ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ wa ní Kútọnu pé ọwọ́ mi kò yá, pé kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Alábẹ̀wò kan wá sí Kétu láti wo fíìmù wa tuntun kó tó pinnu. Nínú kíláàsì ilé-ìwé la ti fi í hàn, a ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé, a sì ta funfun sójú ògiri. Àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ ìwé kíkà, tí wọ́n wá láti abúlé Odomẹ̀ta, jókòó sórí àga ọmọdé.

Àwòrán ilẹ̀ orílẹ̀-èdè wa ló kọ́kọ́ jáde. Ó dúró títí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ikọ́ ara wa. Lẹ́yìn náà lẹ́tà funfun já wọlé láti ẹ̀gbẹ́ sórí àwòrán ojú ọ̀run, wọ́n dúró gbì: Ẹ SE OMI KÀNGA KÍ Ẹ TÓ MU ÚN. Ìyá arúgbó kan na ìka sókè, ó ń kà á sókè, "Ẹ... se... omi..." Ọ̀rọ̀ ti lọ.

"Háà!" ni ìyá náà ké. "Ẹ̀yin ará sinimá, ta ló ń lé yín?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mesié kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, kíkà yín ni kò yára."

"Bó bá yára, kí la wá ń ṣe ní kíláàsì?"

Alábẹ̀wò yíjú sí mi, ó fi Faransé pè mí ní omidan. "Madmasẹ́ẹ̀lì, kí lẹ rí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún fi í hàn." Wọ́n tún fi í hàn, mo sì ń nàka sí aṣọ ojú ògiri. Mo ní àwòrán ilẹ̀ gba àkókò ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kà sókè kò lè bá ojú ẹni tó ń kà sínú sáré. Mo ní ìṣísẹ̀ tí a fi ń sún lẹ́tà dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ló fi dúró bí ẹni tó forí gbá ògiri. Ó yẹ kí ìṣísẹ̀ náà máa kéré sí i bó ṣe ń súnmọ́ àyè rẹ̀, bí obìnrin ṣe ń sọ ìkòkò omi kalẹ̀. Ẹnu mi kò sì gbà mí láyè láti parọ́: mo ní funfun lẹ́tà ti wọnú ojú ọ̀run tó mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, pé èmi ni mo yan àwọ̀ náà, ẹ̀bi mi ni.

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀!" Mesié fò dìde. "Gbogbo rẹ̀ ni tirẹ̀. Ìwé ètò nìyí, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́."

Ó fa ìwé náà yọ nínú àpò awọ rẹ̀, ó nà án sí alábẹ̀wò. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Òun ni inú ń bí débi tó fi gbàgbé.

Alábẹ̀wò gbé e lọ síbi fèrèsé, ó ká aṣọ sókè. Mo ti fi yíǹkì kọ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta fún àwòrán ilẹ̀, méje fún ọ̀rọ̀, mo sì fi ìlà kéékèèké sàmì sí ibi tí ìṣísẹ̀ yóò ti máa dín kù. Pẹ́ńsù pupa ti fagi lé gbogbo rẹ̀: mẹ́jọ fún àwòrán ilẹ̀, méjì fún ọ̀rọ̀, ìṣísẹ̀ kí ó dọ́gba. Orúkọ Mesié wà nísàlẹ̀.

"Ta ló ya àwòrán ilẹ̀ yìí?" ni alábẹ̀wò béèrè.

Mesié na ọwọ́ láti gba ìwé náà padà. Òun ló yà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kun ún.

"Ẹ tún un yà," ni alábẹ̀wò wí. "Iye ti yíǹkì ni kí ẹ lò. Kí lẹ́tà dúró lórí àwọ̀ dúdú. Madmasẹ́ẹ̀lì, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín."

Bí iṣẹ́ ṣe dúró lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkùnrin kan náà ni wọ́n dá mi padà sí. Nígbà tí fíìmù náà jáde, ìṣẹ́jú-àáyá méje wà fún ọ̀rọ̀, lẹ́tà sì ń balẹ̀ wẹ́rẹ́. Nísàlẹ̀ àkọlé, a kọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Ti Mesié ni. Èmi fúnra mi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, mo sì fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá kan péré.