Ìyàwó Wa Tí Kò Ní Orílẹ̀-èdè

Ìyàwó wa, oníbúrẹ́dì, kò mọ bí a ti ń dúró de nǹkan. Ààrò ò tíì gbóná tán, ó ti ń ti búrẹ́dì sínú rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló fẹ́ ẹ, èmi sì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ti bí i, ọmọ ibẹ̀ sì ni òbí rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè tiwa, òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ṣàlàyé fún un pé òfin wa ò gba méjì pọ̀: bí wọ́n bá ti gba ìbéèrè rẹ̀ tán, kó wá lọ kọ tàtijọ́ sílẹ̀. Ṣé ìyàwó wa máa dúró? Kíá, ó ti dé ẹ́ḿbásì wọn, ó kọ tiwọn sílẹ̀, ó fi páásípọ́ọ̀tù lé wọn lọ́wọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ni ìdáhùn ìmígíréṣọ̀n bá dé: wọn ò gba ìbéèrè rẹ̀. Ọdún tó ti lò níbí kò tíì tó èyí tí òfin béèrè. Oyún sì ti wà níkùn rẹ̀.

Mo bá òun àti àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n. “Ọ̀gá, ìyàwó ilé wa ni. Ṣé ìyẹn ò tó ni?”

“Màmá, ìgbéyàwó lè dín ọdún tó máa fi dúró kù. Kò lè dá sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè.”

A sáré lọ sí ẹ́ḿbásì. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ padà di ọmọ orílẹ̀-èdè wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá gbé lọ́dọ̀ wọn. Páásípọ́ọ̀tù wo ló fẹ́ fi débẹ̀? Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Orí mi dà rú. Obìnrin tí mò ń bá jà lórí ìyẹ̀fun láràárọ̀, kò sí ìjọba kan láyé tó kà á kún tiẹ̀!

A tún padà sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n. Ìyàwó wa di ikùn mú. “Ọmọ mi ńkọ́, sà? Ṣé bíi tèmi ni?”

“Rárá o. Pé ẹ bí i síbí nìkan ò tó lábẹ́ òfin wa. Ṣùgbọ́n ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni bàbá rẹ̀, tòun ni ọmọ máa jẹ, látọjọ́ tí ẹ bá ti bí i.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ.”

Ó tún un sọ. Kò dá a lójú síbẹ̀, kò sì dá èmi náà lójú. A délé, kò ti búrẹ́dì kankan sínú ààrò títí tó fi gbóná janjan.

Ọkùnrin ló bí. Akọ̀wé ọsibítù wá bá wa níbi ibùsùn.

“Orílẹ̀-èdè bàbá?” Àbúrò mi dáhùn. Akọ̀wé ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ.

“Ti ìyá ńkọ́?”

Kí n tó la ẹnu mi tí kì í dákẹ́, ìyàwó wa ti ṣáájú mi.

“Ẹ kọ ọ́ pé kò ní,” ni ìyàwó wa wí. Ó gbé ọmọ náà mọ́ra, ó ń wò ó lójú. “Bàbá mi, ẹ ṣé o. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín gbé lórílẹ̀-èdè yín.”

Mo bú sẹ́kún.