Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Bá Mi Jà

Nígbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, olùkọ́ ní ìlú Ara, nìkan ni àyẹ̀wò fi hàn pé ara wọn bá tèmi mu. A jọ lọ sí Íńdíà, àwọn dókítà ibẹ̀ sì fa mùdùnmúdùn inú egungun ìbàdí ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, sí mi lára. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sinmi lẹ́nu wọn. Bí mo bá sín pẹ́nrẹ́n, wọn á ní, "Rọra o, ẹ̀jẹ̀ mi lo fi ń ṣeré yẹn."

A ti padà sí Ẹdẹ fún oṣù mélòó kan kí ẹnu mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ojú mi gbẹ bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, awọ apá mi ń le, ó sì ń yún mi. Mo fi òkèlè ọlọ́bẹ̀ ata kan ẹnu, mo fò dìde.

"Ọmọ Ẹdẹ tí kò lè jẹ ata!" Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. "Kí ará ilé má gbọ́ o."

Síbẹ̀, àwọn náà ló mú mi lọ bá dókítà ẹ̀jẹ̀ n'Íbàdàn. Dókítà tan iná sí mi lẹ́nu, ó rí àwọn ìlà funfun tín-ín-rín nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó sì gé awọ díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí í ṣe ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló rí ara mi bí àjèjì, tí wọ́n gbógun tì í.

"Ẹ ní a bára mu!" ni ẹ̀gbọ́n mi fi kígbe.

"Ẹ bára mu, mà, ṣùgbọ́n ẹ kì í ṣe ẹnì kan náà."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú wò mí. "Ṣé èmi ni mò ń pa á lára?"

"Rárá o. Àwọn ọmọ ogun yẹn náà ló lè máa ṣọ́ ọ, kí jẹjẹrẹ má padà wá. A kò fẹ́ lé wọn lọ pátápátá, a fẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. "Láti kékeré ni mo ti máa ń nà án, dókítà. N kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi á gbà á ṣe." Dókítà rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè mi ló dá mi dúró.

Wọ́n fún mi ní oògùn tí ń mú kí àwọn ọmọ ogun náà fara balẹ̀, àti oògùn tí mo ń kán sójú. Dókítà ní kí n sá fún oòrùn àti fún ẹni tó ń wúkọ́, nítorí oògùn náà á mú kí àrùn tètè ràn mí. Oògùn náà mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú rọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo wá dà bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu mi san, tí dókítà sì ń dín oògùn kù. Àmọ́ ọrùn ọwọ́ mi kò tíì rọ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi de bọ́tìnnì lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mo bá ń múra lọ sí mọ́ṣáláṣí. Wọn á ní kí n dúró jẹ́ẹ́, àwọn kì í ṣe ìyá mi.