Láàárín Alẹ́ àti Alaalẹ́

Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ tíṣà mi wá sí Ìbàdàn, mo gba yàrá kan ní Bẹẹrẹ. Ìyàwó mi kò lè bá mi wá, torí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dúbúlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Bí iléèwé bá ti jáde, mo máa ń lọ kọ́ òyìnbó àlùfáà kan ní Yorùbá. Òun náà kò ní ará lọ́dọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ń kọ́ ọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ní àpètúnpè. A ó pe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣíwájú ọ̀rọ̀ náà, oṣù á di oṣooṣù, ọdún á di ọdọọdún, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé a kò yọ ọ̀kankan sílẹ̀. Mo ní kí ó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀.

Ó ní, "Mo máa ń dá jẹun lálẹ́."

"Ṣé kì í yẹ̀ rárá? Bí kì í bá yẹ̀, ẹ sọ pé lálaalẹ́."

Ó rọra sọ ọ́: "Mo máa ń dá jẹun lálaalẹ́."

Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Mo ní, "Ẹ wá bá mi jẹun lálẹ́ òní."

"Lálẹ́ òní," ló dáhùn, "kì í ṣe lálaalẹ́."

A rẹ́rìn-ín. Ó wá lóòótọ́, ó jẹ ẹ̀bà púpọ̀, ó sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ kejì, mo tún jókòó ti abọ́ mi ní èmi nìkan.