Ọpẹ́ Tí Kò Ní Àdúrà Nínú

Ní àdúgbò wa ní Gadumo, ní Lokoja, tí èèyàn bá kú, àlùfáà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè. Ẹni tí wọ́n máa ń pè tẹ̀ lé e ni Òkunọlá Kọ́mọláfẹ́. Kì í ta pósí, kì í sì í gbẹ́ sàréè. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ló máa ń bá àwọn èèyàn kọ. Tí òkú bá ti wọlẹ̀, tí àwọn àlejò ti tú ká, ẹbí gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ṣókí dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wá bá wọn jókòó. Wọ́n á kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní ọ́fíìsì, wọ́n á sì fi í sórí Wasáàpù ẹgbẹ́ ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Kọ́mọláfẹ́, ọmọ Ìjùmú. Èmi, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìjọ, àti òun jọ ń gba ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni.

Ó ní bó ṣe máa ń kọ ọ́. Kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní tí o bá dárúkọ ogún èèyàn, ẹni kọkànlélógún tí o gbàgbé yóò bínú títí wọ ilé ọkọ ọmọ rẹ̀. Àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà àwọn tó pè lórí fóònù. Kì í sọ ohun tó pa òkú. Ó ní ọpẹ́ kì í ṣe ìròyìn. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà ló lọ, ó lè fi fọ́tò sí i, kó sọ ọjọ́ orí, kó dúpẹ́ pé àwọn ọmọ ló sin ín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀dọ́, kò sí fọ́tò, kò sí ọjọ́ orí, bàbá àti ìyá kì í sì í fọwọ́ sí i. Olórí ẹbí ló ń fọwọ́ sí i fún wọn.

Ìlà kan wà tí kì í yí padà, ì báà jẹ́ ilé Kristẹni tàbí ilé Mùsùlùmí. Ìparí ló máa ń wà: "A kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín."

Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í yọ ìlà yẹn.

Ó ní, "Bàbá Ìjọ, tí ẹnì kan bá yá yín ní ládugbó, ẹ ó dá ládugbó padà. Ẹni tó bá yín sunkún ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ fi san án fún un? Ẹ fẹ́ lọ sunkún nílé tirẹ̀ ni? Ọlọ́run la ń bẹ̀ pé kó dí ọ̀nà yẹn pa."

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti Tóyìn ìyàwó rẹ̀ bí, ó sì pẹ́ kó tó dé. Bólúwadúró ni wọ́n sọ ọ́. Dúró ni gbogbo wa ń pè é, bí a sì ṣe ń pe àwọn òbí rẹ̀ ní Bàbá Dúró àti Ìyá Dúró nìyẹn. Nígbà òjò tó kọjá, ó ń bọ̀ láti yunifásítì. Ọkọ̀ elépo kan tí bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́ ya lu bọ́ọ̀sì wọn níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà tó wọ ìlú. Ọjọ́ náà ni a sin ín. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e. A kò mú bàbá àti ìyá rẹ̀ débẹ̀, bí àṣà wa ṣe rí.

Èèyàn wá o. Àlí, ẹlẹ́ja láti ọjà Kpata, ti ilé ìtajà rẹ̀ pa, ó wá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú ilé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sọ ju sannu, ìkíni àwọn Haúsá, lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìyà ilé yẹn rù ni Bridget, aládùúgbò wọn tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ni òun náà ní, Obed, ọ̀rẹ́ Dúró. Òun ló ń wẹ Tóyìn. Òun ló ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ mímu, nítorí Tóyìn kì í la ẹnu fún ẹlòmíì.

Nígbà tí ìjọ́ kẹjọ kọjá, Jacob, ẹ̀gbọ́n Kọ́mọláfẹ́ tó jẹ́ olórí ẹbí, wá láti ilé. Èmi náà wà níbẹ̀.

"Òkunọlá, òkun o," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ní ìlú wọn. "Wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ ọpẹ́. Kọ ọ́, màá fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìjọ kọ ọ́."

"Bàbá Ìjọ tí ìkéde ìkórè lásán ń gùn tó ìwàásù? Ìwọ kọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kọ́mọláfẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò pa ohunkóhun rẹ́:

"Gbogbo ẹbí Kọ́mọláfẹ́ kí yín. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ fi ẹsẹ̀ yín dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀yin tí ẹ pè wá, ẹ̀yin tí ẹ gbé oúnjẹ wá, àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì wá láìsọ nǹkan kan. Ẹ má bínú pé a kò lè dé ọ̀dọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. A rí yín. Ẹ ṣé púpọ̀. Jacob Kọ́mọláfẹ́, fún ẹbí."

Jacob kà á tán, ó yí ojú sí i. "Àdúrà dà?"

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló ń wà bẹ́ẹ̀? Ìwọ lo kọ́ gbogbo Lokoja ní àdúrà yẹn."

"Gbogbo ilé ọ̀fọ̀ tí mo wọ̀ ni wọ́n ti gbà á fún mi." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ìyá kan wà ní àdúgbò Crusher tó sin ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, 'Bàbá Dúró, a ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín.' Mo ṣe àmín. Mo ṣe é tọkàntọkàn. Bàbá Ìjọ, ta ló gbọ́ àmín yẹn?"

Èmi ni ó bi. Alàgbà ni mí, mo sì gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà. Mo gbà á lánàá, mo gbà á lónìí. Ṣùgbọ́n mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́, n kò rí.

Jacob mí kanlẹ̀. Ó ní wọ́n á mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Ó fọwọ́ sí i.

Wọn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, akọ̀wé ìjọ ka ìwé náà sókè. Gbogbo ìjọ ti gbé àmín sí ẹnu, torí gbogbo wa mọ ibi tí ìwé ọpẹ́ ń parí sí. Akọ̀wé dé "fún ẹbí," ó dákẹ́. Ó yí ìwé padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó jókòó. Àmín tí a gbé sẹ́nu, a gbé e mì.

Kí a tó jáde tán, wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó dúpẹ́, kò ṣàdúrà."

"Ṣé ó fẹ́ kí gbogbo wa wá gba tiwa ni?"

"Ẹ máa rọra. Ọmọ ló kú fún un."

"Ọmọ kú fún un, ó wá fi tèmi sílẹ̀ lójú ọ̀nà?"

Láti ọjọ́ náà, Bridget kò wọ ilé yẹn mọ́. Ìlẹ̀kùn kan péré ló wà láàárín àgbàlá wọn; ó fi àgbá omi dí i. Tóyìn kì í béèrè ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó béèrè èyí: "Bridget dà?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé ẹ̀kọ wá, Tóyìn yí ojú sí ògiri. Ìyàwó mi gbé tirẹ̀ lọ, bákan náà. Ẹsẹ̀ Tóyìn bẹ̀rẹ̀ sí wú.

Mo lọ bá Bridget. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Sà, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì wẹ ìyàwó rẹ̀. Obed mi wà lára àwọn tó gbé òkú. Kí ni Bàbá Dúró fẹ́ fi san án fún mi?"

"Bridget, kò ní ibi lọ́kàn."

"Ká ní ẹni tí kò mọ̀ ni, mi ò ní bínú. Òun ló kọ tèmi nígbà tí ọkọ mi kú! Ó mọ ohun tí yíyọ ìlà yẹn túmọ̀ sí." Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ kan ni mo ní, sà. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo padà lọ sọ ọ́ fún Kọ́mọláfẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, níbi tó ti lè máa wo ẹsẹ̀ Tóyìn.

"Ṣé kí n wá purọ́ fún wọn ni?"

"Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni," mo ní. Òtítọ́ tí mo ní lọ́jọ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó na ọwọ́ mú fóònù. Ó kọ́kọ́ pe Jacob, torí kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Mo gbọ́ ohùn Jacob láti inú fóònù: "Fi orúkọ mi sí i kíákíá." Ó wá kọ ọ́ sórí Wasáàpù: "Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù nínú ọpẹ́ wa, ẹ foríjì wá. A kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín. Jacob Kọ́mọláfẹ́, fún ẹbí." Ó fi han mí. Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró lórí fóònù náà, kò tẹ̀ ẹ́. Tóyìn wúkọ́ nínú yàrá. Ó tẹ̀ ẹ́.

Àmín bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Fóònù ń dún, ó ń dún. Ó dojú fóònù náà bolẹ̀ lórí àga, ó ń dún síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àgbá omi. Bridget gbé ìkòkò ẹ̀kọ wọlé, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Kọ́mọláfẹ́.

"Àmín, sà. Àmín o. Ọlọ́run ti gbọ́."

Ó ṣe é tọkàntọkàn. Kọ́mọláfẹ́ ń wò ó, mo sì mọ ohun tó ń rí: ọwọ́ ara rẹ̀ ní Crusher. Ó ní, "Dìde, Bridget," ó sì fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Bridget wọ yàrá lọ bá Tóyìn. Tóyìn la ẹnu. Ó mu ṣíbí díẹ̀, ó ní ó tó, ó yí padà sí ògiri. Bridget ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tan ọmọdé: òjò ti dáwọ́ dúró, àwọn olùkọ́ yunifásítì tó daṣẹ́ sílẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, Obed náà ń padà sílé ìwé ní ọjọ́ Ajé.

Kọ́mọláfẹ́ gbórí sókè. "Ọ̀nà wo ló ń gbà?"

"Ṣebí ọ̀nà kan náà tí Dúró gbà ni, sà?" Bridget dáhùn láti inú yàrá, ohùn rẹ̀ mọ́ bí ti ẹni tí wọ́n ti sanwó fún. "Ẹ ti gbàdúrà tán."

Kọ́mọláfẹ́ wo ojú mi. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bá Ọlọ́run sọ ọ̀rọ̀ kan, ó tún pa á dé. Mo ṣe àmín nínú ara mi sí àdúrà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà. Kò dún.