Orúkọ tí mo pe ọ̀gá mi

Ẹnu mi ni mo fi ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi pa. Mi ò bú wọn o. Mo fẹ́ bọlá fún wọn ni, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù títí dòní.

Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ télọ̀ ní Ìbà. Ṣọ́ọ̀bù wọn ò tóbi, àmọ́ tí iléèwé bá fẹ́ wọlé, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ inú bárékè Ọ̀jọ́ ló máa ń kún ibẹ̀. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ àwọn fúnra wọn ló ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Tó o bá ní o fẹ́ bá wọn fi í, wọ́n á ní kó o jókòó jẹ́jẹ́.

Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ wọn tó kù fẹ́ gba fíríídọ̀ọ̀mù, wọ́n pè mí láti Okokomaiko, níbi tí mo ti ń ránṣọ tèmi, pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn. Wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ẹsẹ̀ wọn ò lè tẹ ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́ mọ́, wọ́n nílò ọmọ iṣẹ́ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn ìyá tó lọ́mọbìnrin sì máa wà níbẹ̀.

"Sọ̀rọ̀ mi dáadáa," ni wọ́n wí.

Mo mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ, kò sẹ́ni tó lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo jókòó, mo wo àwọn orúkọ tí mo lè pe ọ̀gá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá pè wọ́n ní àgbàlagbà, àwọn èèyàn á bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́. Ọlọ́jọ́ lórí, ọjọ́ orí nìkan la fi ọgbọ́n sọ. Ìyá àgbà ń jókòó sílé láàárín àwọn ọmọ-ọmọ ni. Ògbólógbòó ńkọ́? Ẹ gbà mí, olè la máa ń pè bẹ́ẹ̀. Àgbà ọ̀jẹ̀ ló kù. Ẹni tá a bá pè ní àgbà ọ̀jẹ̀, iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo tún fa ìlà sí i nídìí.

Ọjọ́ pé. Kó tó kàn mí, ẹni tó gbàdúrà fún ọmọ tó gba fíríídọ̀ọ̀mù sọ fún un pé yóò dàgbà, yóò darúgbó. Gbogbo wa ṣe àmín, ara mi sì yá gágá. Bí mo ṣe gba máíìkì, mo ká ìwé pọ̀. Ìṣe mi nìyẹn, tí orí mi bá ti wú, mi ò gbọ́ tẹnì kankan mọ́. Mo ní kí wọ́n wo màmá wa arúgbó yìí, bí wọ́n ṣe darúgbó tó yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n ṣì ń ṣe. Mo ní ká gbàdúrà kí Ọlọ́run fún wọn nísinmi.

Wọ́n ṣe àmín. Àwọn tó ti ń pè wọ́n ní ọ̀gá láti àárọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹnì kan gbé tìmùtìmù wá sẹ́yìn wọn. Ọ̀gá mi kàn ń wo ọwọ́ ara wọn.

Nígbà tá à ń palẹ̀ mọ́, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọdé là ń gbàdúrà fún pé kó darúgbó," ni wọ́n wí. "Ìwọ wá ń fi pe èmi tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Àmọ́ kí n má purọ́, inú tún ń bí mi lábẹ́lẹ̀. Ṣé wọn ò darúgbó ni?

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó sójà kan mú ọmọ ẹ̀ wá bá mi ní Okokomaiko. Ó ní ọ̀dọ̀ màmá lòun fẹ́ fi í sí tẹ́lẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn, òun ò fẹ́ fi ọmọ ni arúgbó lára. Ó yẹ kí n gbé ọ̀kadà, kí n mú wọn lọ sí Ìbà lójú ẹsẹ̀. Mo gba ọmọ náà. Obìnrin kejì mú ọmọ tiẹ̀ wá láti Ajangbadi, mo tún gbà á. Ojúkòkòrò ni, mi ò ní pè é lórúkọ míì. Mi ò sì lọ sọ fún ọ̀gá mi.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbọ́ pé ọ̀gá mi ti ń kó ẹrù jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sáré lọ. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n fa sísọ́ọ̀sì ńlá wọn yọ, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Máa fi kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì yẹn," ni wọ́n wí.