Ẹ̀gbọ́n Ni Kó Kọ́kọ́ Buwọ́ Lù Ú

Bí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀ Gángan níbi tí mo ti ń tún aago ṣe, ẹ wo ọ̀kánkán mi: ṣọ́ọ̀bù Yéwándé nìyẹn. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló kọ́ láti kékeré, nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì ń pariwo gbá-gbá-gbá, tí ìka sì ń dun èèyàn. Ìwé àdéhùn ilé tó ti tẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó yìí kò lóǹkà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó ní ayé kò ní fi òun sílẹ̀, ó ra ọ̀kan. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ràn ohun tuntun ju ọkọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, Hàlímọ̀ aránṣọ wá bá a. Wọ́n fẹ́ wó ilé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, wọ́n sì ní kó kó jáde kí ọjọ́ Sátidé tó pé. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn níwájú ilé Bàbá Rájí, àmọ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló ni ilé náà: Bàbá Rájí fúnra rẹ̀ àti Múdàṣírù àbúrò rẹ̀, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí àwọn méjèèjì kò bá buwọ́ lu ìwé àdéhùn, kò sí kọ́kọ́rọ́. Ojú títì ni àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ Hàlímọ̀ yóò wà, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́.

Yéwándé ní ìyẹn kò tó nǹkan. Ó tẹ ìwé náà, ó sọ ọ́ di PDF, ó gbé e sórí ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí àwọn èèyàn ti ń buwọ́ lùwé. Ó kọ orúkọ àti ímeèlì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, ó fi àmì sí ibi tí kálukú yóò ti fọwọ́ sí i, ó sì rán an lọ. Líǹkì wọlé sí ímeèlì gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Hàlímọ̀ ṣí tirẹ̀ níbẹ̀, ó fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sójú fóònù, ó parí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún wa.

Múdàṣírù náà kò fi falẹ̀, ó buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí Bàbá Rájí máa fi ṣí tirẹ̀, ọwọ́ àbúrò ti wà lórí ìwé. Bàbá ní òun kò ní fọwọ́ kan án. Ó ní láti ayé bàbá àwọn, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ buwọ́ lu ìwé ilé, kí àbúrò tó tẹ̀ lé e.

“Ṣé wọ́n ti sin mí ni, tí Múdà fi ń ṣáájú mi?”

Inú bí mi. Mo ní ìranù ni, kí aránṣọ máa wá ibi tó máa gbé ẹ̀rọ sí, kí àgbàlagbà máa jà lórí ẹni tó ṣáájú. Yéwándé ní kí n dákẹ́, ẹ̀bi òun ni. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń to àwọn èèyàn tẹ̀ léra wà lórí ìkànnì yẹn, òun ló fò ó, òun ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó.

Kò sì ṣeé pa ọwọ́ Múdàṣírù rẹ́. Yéwándé fagi lé gbogbo rẹ̀, ìkànnì sì fi ìyẹn tó gbogbo wọn létí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó tò wọ́n: Hàlímọ̀ ni ìkíní, torí ẹni tó ń tọrọ ilé ló ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀, Bàbá Rájí ni ìkejì, Múdàṣírù ló kẹ́yìn. Bí ẹni tó wà níwájú kò bá tíì buwọ́ lù ú, líǹkì kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e.

Hàlímọ̀ tún buwọ́ lù ú. Bàbá ṣí tirẹ̀, ó rí i pé àyè àbúrò ṣófo, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò buwọ́ lù ú. Ọjọ́ Jímọ̀ pé, ó ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, fóònù wà lórí itan rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Hàlímọ̀ ń sunkún ní ṣọ́ọ̀bù Yéwándé, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Yéwándé wá ránṣẹ́ sí Múdàṣírù lórí wáàsáàpù pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìwé wà, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi tí ẹ̀gbọ́n bá buwọ́ lù ú, kó bá a sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá wọn, Múdàṣírù kò pe Bàbá Rájí rí. Ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwa mẹ́ta lọ bẹ Bàbá. A kò tíì jókòó tán tí fóònù rẹ̀ dún. Ó tẹ̀ ẹ́, a sì gbọ́ ohùn Múdàṣírù ketekete.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lù ú kí tèmi náà lè dé.”

Bàbá kò dárúkọ ìwé rárá. Ó bi í bí òtútù ṣe ń ṣe é, ó bi í léèrè àwọn ọmọ, ó sọ nípa orúnkún tó ń dùn ún. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó fi ìka rọra kọ orúkọ rẹ̀ sójú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ pé ó parí. Kò pẹ́ tí Múdàṣírù náà fi buwọ́ lu tirẹ̀, odidi ìwé àdéhùn sì wọlé sí ímeèlì gbogbo wọn. Bàbá na kọ́kọ́rọ́ sí Hàlímọ̀, ó gbà á tòun tìkúnlẹ̀, ó sáré lọ wá ọmọlanke.

Èmi àti Yéwándé dìde láti máa lọ. Bàbá di ọwọ́ Yéwándé mú.

“Yéwándé, ṣé kò sí ìwé mìíràn tó yẹ kí èmi àti Múdà jọ buwọ́ lù?”