Gàrí, Láfún àti Àyè Orí Àpáta

Kí n tó mọ ibi tí oúnjẹ oṣù tó ń bọ̀ yóò ti wá, mo ti fi dígí bo ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi. Ìṣirò ni mo kà. Mo gbé ìwé náà dání lọ sí Àgọ́-Àrẹ, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi, níbi tí mo fẹ́ ti dúró de lẹ́tà iṣẹ́. Ìyá mi kékeré gbé e kọ́ sára ògiri ilé ìdáná. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni ìṣó wà.

Òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń yan gàrí. Lọ́dún yẹn, baba tó ni ẹ̀rọ tí gbogbo àdúgbò fi ń rin ẹ̀gẹ́ fẹ́ kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Baba ní bí ìyá mi kékeré bá lè kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀tàlélúgba náírà sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà márùn-ún, òun yóò fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un, kí ó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkùnrin kan láti Ṣakí ti ṣetán láti wá gbé e. Ìyá mi kékeré ti ń tò lẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn láti ọdún mọ́kànlá. Ó fẹ́ kí àwọn mìíràn wá tò lẹ́yìn tòun.

Gàrí nìkan ló ń ṣe. Nígbà tí ó bá yọ owó àpò, igi ìdáná, ẹ̀rọ àti ọkọ̀, àpò gàrí kan ń fún un ní ẹgbẹ̀rún méje. Láfún ń fúnni ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ó ní òun kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi fi méje sílẹ̀ lọ mú mẹ́fà, àti pé láfún ni iṣẹ́ ẹni tí kò lè jókòó ti iná. Àpò mẹ́fà ló ń yan lọ́jà kan, ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì. Ọjà márùn-ún yóò wá jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé mẹ́wàá. Kò tó.

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mo mọ nǹkan. Mo mú èédú, mo kọjú sí ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ìjọba rán wá. Mo bi í léèrè, ó dáhùn. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ mẹ́rìnlélógún ló ń gbó ní oko rẹ̀ lọ́jà kan. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tó wà láàárín ọjà kan sí èkejì, ìyẹn wákàtí méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Àpò gàrí kan ń jẹ apẹ̀rẹ̀ méjì àti wákàtí mẹ́jọ. Àpò láfún kan ń jẹ apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin péré, nítorí omi àti oòrùn ló ń ṣe ìyókù.

Mo fa ìlà kan fún ẹ̀gẹ́, mo fa ìkejì fún wákàtí. Mo ní gbogbo ohun tí ó lè ṣe wà lábẹ́ ìlà méjèèjì, àti pé igun ni èrè tó pọ̀ jù máa ń wà. Ó bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ igun. Mo sọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ mi fún un, kò yé e, kò sì yé èmi náà dáadáa. Ó wo ìlà yẹn títí.

Ó ní, “Ewúrẹ́ tí a so ni. Koríko tó dára wà níwájú, á máa lọ títí okùn yóò fi le. Ibi tí okùn bá ti le ni yóò ti jẹun.”

Olùkọ́ mi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ohun tí ewúrẹ́ mọ̀.

Igun tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni gàrí mẹ́ta àti láfún mẹ́fà. Ẹ̀gẹ́ tán, wákàtí tán, èrè jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mo fi èédú yí i po bí ẹni tó rí wúrà.

“Ṣé ìlà náà pé?” ló bi mí.

Mo ní ó pé.

Kò pé. Orí àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ń sá láfún sí. Àpáta yẹn tóbi débi pé mo rò pé gbogbo Òkè-Ògùn lè sá nǹkan síbẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé wẹ́wẹ́ òkúta tí mo rí lórí rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ààlà ni. Agboolé kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, ìyá ọkọ ló ń fi lé ìyàwó lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kì í sá tirẹ̀ sórí ti ẹlòmíràn. Àyè ìyá mi kékeré kò gbà ju àpò mẹ́rin lọ lọ́jà kan. Ó mọ̀, àmọ́ ó rò pé ẹni tó gboyè ti ro ìyẹn mọ́ ọn. Láfún àpò méjì jókòó nínú apẹ̀rẹ̀ títí ó fi bu. Òórùn rẹ̀ dé mọ́sálásí.

Ojú tì mí dójú ikú. Òun ṣírò owó rẹ̀: ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta. Ó ní pẹ̀lú gbogbo òórùn yẹn, ó ṣì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ju ti gàrí nìkan lọ. Ó mú èédú, ó nà án sí mi. “Fa ìlà àpáta.”

Mo fà á. Igun mìíràn jáde: gàrí mẹ́rin, láfún mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́ta. Ohun tí a rí lọ́jà kejì gan-an nìyẹn. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ mẹ́rin ṣẹ́kù, nítorí náà nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wá fi ẹ̀gẹ́ ọ̀pọ̀ lọ̀ ọ́, ó dúpẹ́, ó ní ẹ̀gẹ́ kọ́ ló wọ́n òun. Ṣùgbọ́n bí a bá ń bá a lọ báyìí dé ọjà karùn-ún, ẹgbẹ̀rún méje yóò dín nínú owó ẹ̀rọ.

Ìyá arúgbó kan ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti wa tí kò lò mọ́. Ìyá mi kékeré kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní òun yóò máa san owó. Ìyá náà ní àpáta kì í ṣe ọjà. Ohun tí òun ń fẹ́ ni kí ìyàwó wa máa wá bá òun pọn omi, kí ó sì gbálẹ̀, wákàtí méjì lọ́jà kan. Àyè náà yóò gba àpò méjì.

Mo ti fẹ́ dáhùn pé a gbà. Ìyá mi kékeré fi ojú dá mi lẹ́kun. Ó jókòó sórí àpótí, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́.

Ó ní, “Wákàtí mẹ́jọ ló ń fún mi ní gàrí ẹgbẹ̀rún méje. Wákàtí méjì tí mo bá fún ìyá, ìdámẹ́rin àpò ni mo fún wọn. Ẹgbẹ̀rún méjì ó dín díẹ̀.” Ó ya òkúta méjì sọ́tọ̀. “Láfún méjì máa mú méjìlá wọlé, àmọ́ ó máa gba gàrí kan lọ́wọ́ mi. Méje kúrò, ó ku márùn-ún. Yọ ti ìyá.” Ó wo òkúta tó kù. “Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti díẹ̀. Ìyàwó, lọ pọn omi.”

Orí mi wú. Odindi orí kan nínú ìwé mi ni obìnrin yìí ṣe lórí àpótí.

Láti ọjà kẹta lọ, láfún mẹ́fà, gàrí mẹ́ta ó dín ìdámẹ́rin. Èyí tí kò kún àpò, kóńgò ló fi ń tà á. Lọ́jà karùn-ún, òjò àkọ́rọ̀ ṣú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìyá arúgbó náà, tó ti gbàgbé orúnkún tó ń dùn ún, kó láfún kúrò lórí àpáta kí ẹ̀kán kan tó bọ́ sí i. Nígbà tí ó kó owó fún baba ẹlẹ́rọ, ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀tí, ó sì ń jo epo. Ìyá mi kékeré nu ara rẹ̀ bí ẹni ń nu ọmọ. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìdáná, ó yọ ìwé ẹ̀rí mi kúrò lára ògiri. Mo rò pé yóò gbé e sí pálọ̀ nígbẹ̀yìn. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní ibi tí ó bò mọ́lẹ̀ yẹn ni ògiri tó mọ́ jù. Ó fún mi ní èédú.

“Ẹ̀rọ ti dé,” ló wí. “Ìlà wo ló tún kù tí o ò tíì rí?”